Bọ́tìnnì Kì Í Ṣe Ohun Tí À Ń Túmọ̀

Ká ní obìnrin kan ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta. Orí WhatsApp làwọn oníbàárà rẹ̀ ti ń yan aṣọ. Fóònù rẹ̀ ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í kọ `Storage space running out`, àwòrán ò sì wọlé mọ́. Ó kọ̀wé sí ọmọ àbúrò rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà n'Íbàdàn. Ọmọ náà fẹ́ kí Yorùbá òun mọ́ gaara, ló bá fèsì pé: "Ẹ kú ọjà mà. Ẹ lọ síbi ètò, ẹ wá áàpù náà, ẹ tẹ ìpamọ́, kí ẹ wá nu ìpamọ́ náà nù."

Yorùbá náà dùn ún kà, àmọ́ kò sí "ètò" tàbí "ìpamọ́" lójú fóònù ìyá náà. Bọ́tìnnì méjì ló wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, `Clear storage` àti `Clear cache`. Èwo ni "nu ìpamọ́ nù" nínú wọn? Kò sí èyí tí kò lè jẹ́. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ wọn jìnnà síra. `Clear cache` máa ń kó àwọn nǹkan tí áàpù tọ́jú fúngbà díẹ̀ kó lè tètè ṣí dànù, áàpù náà á sì tún wọn kó jọ fúnra rẹ̀. `Clear storage` ní tiẹ̀ máa ń dá áàpù padà sí bó ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e sórí fóònù: ó máa tún béèrè nọ́ńbà, bí kò bá sì sí ẹ̀dà ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti bá oníbàárà sọ níbì kan, ó ṣeé ṣe kó lọ pátápátá. Lórí àwọn fóònù mìíràn, `Clear data` ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Ìdáhùn tí ì bá ṣe ìyá yẹn láǹfààní rèé: "Ẹ ṣí `Settings`, ẹ tẹ `Apps`, kí ẹ wá `WhatsApp` kàn. Ẹ tẹ `Storage`. Ẹ máa rí bọ́tìnnì méjì; `Clear cache` ni kí ẹ tẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan ìkejì o, ó lè kó ọ̀rọ̀ yín pẹ̀lú oníbàárà lọ." Gbogbo ohun tí ojú rẹ̀ máa wá wà bó ṣe wà gan-an. Yorùbá ló fi gbọ́ ohun tí ìkọ̀ọ̀kan ń ṣe, òun ló sì máa dáàbò bò ó. Kódà, bí a bá gbìyànjú láti kọ `cache` ní "káàṣì", oníṣòwò á rò pé owó ọwọ́ òun la fẹ́ kó dànù.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún ẹni tó ń kọ́ Python:

```
owo = 500
print(owo)
```

Ẹni tó kọ ọ́ ló ni `owo`, ó lè sọ ọ́ ní `ere` tàbí `gbese` bó bá ti wù ú. Python ló ni `print`. Bó bá fi `te` rọ́pò rẹ̀, `NameError: name 'te' is not defined` ni yóò rí. Àwa náà gbọ́dọ̀ da ọ̀rọ̀ àṣìṣe yẹn kọ bó ṣe wà, torí òun ni ẹni tó ń wá ojútùú máa tẹ̀ síbi ìwádìí.

Èyí ò sọ pé ká wá máa dáhùn báyìí: "Ẹ kilíà ẹ̀, ẹ rísitáàtì, ẹ ríínsitóòlù." Ọ̀rọ̀ yẹn ò ràn ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. "Ẹ pa fóònù, kí ẹ tún un tàn" ti wà nílẹ̀, ó sì rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fáìlì, áàpù àti fóònù ti di Yorùbá, kò sídìí láti máa wá orúkọ mìíràn fún wọn.

Ọ̀rọ̀ tuntun ńkọ́? Mi ò lòdì sí i. "Ayélujára" ti gbajúmọ̀ lórí rédíò débi pé kò sẹ́ni tó tún ń béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Nígbà tí Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1970, wọ́n ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ìwé kan náà ló wà lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ àtàwọn ọmọ, ìyẹn ni ọ̀rọ̀ náà fi rí ẹsẹ̀ dúró. Tiwa lórí kọ̀ǹpútà ò rí bẹ́ẹ̀. Nǹkan tí à ń tẹ̀ ká tó lè wọlé, ẹnì kan ń pè é ní ọ̀rọ̀ aṣínà, ẹlòmíràn ní ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé, ẹnì kẹta ní ọ̀rọ̀ ìpamọ́, "ìpamọ́" kan náà tó fẹ́ kó bá ìyá aláàdìrẹ lẹ́ẹ̀kan.

Torí náà, bí ẹ bá fẹ́ ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀, ẹ ṣe é nínú ìwé tàbí ẹ̀kọ́ tí àyè àlàyé wà, kí ẹ sì máa lo ẹyọ kan náà títí dé òpin. Bí ẹnì kan bá ń dúró de ìdáhùn yín pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ bi í pé kí ló rí lójú rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sí i bẹ́ẹ̀.