Nígbà Tí Kọ́bọ̀ Bá Wọ Àárín Náírà

Ká ní ìsọ̀ aṣọ kan ń tajà ní káńtà, ó sì tún ń tà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Nínú ìwé ọjà wọn, ẹ lè rí àwọn iye owó báyìí nísàlẹ̀ ara wọn: 4,500, 6,500, 9,000, 12,000, 750,000. Ta ló wá ra ọjà bàǹtàbanta yẹn? Kò sẹ́ni tó rà á. Aṣọ 7,500 náírà ni, kọ́bọ̀ ni wọ́n fi kọ ọ́.

Ẹni tó dúró ní káńtà ń kọ náírà. Ṣùgbọ́n Paystack, tó ń bá ọ̀pọ̀ oníṣòwò gbowó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kọ́bọ̀ ni ètò kọ̀ǹpútà tiwọn ń kà; náírà sì ni ti Flutterwave. Bí wọ́n bá da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sójú kan láìbèèrè, ìpíndọ́gba ọjà márùn-ún yìí, tó yẹ kó jẹ́ 7,900 náírà, á fò dé 156,400. Iye tó bọ́ sí àárín gbùngbùn kò fò tó bẹ́ẹ̀: 9,000 ni dípò 7,500. Bí àwọn méjèèjì bá jìnnà síra báyìí, ó yẹ kí ara fu ènìyàn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ akọ̀wé máa ń ṣe ni pé kí wọ́n fi 100 pín gbogbo iye tó bá ti ju 100,000 lọ. Àtúnṣe yìí burú ju àṣìṣe náà lọ. Alájàpá tó ra aṣọ 60 ní 7,500 san 450,000 lóòótọ́. Wọ́n á sọ owó rẹ̀ di 4,500. Páálí bọ́tìnnì 120 náírà tó wọlé láti íńtánẹ́ẹ̀tì ní tirẹ̀ ti di 12,000, ó jókòó jẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gèlè 12,000, kò sẹ́ni tó máa fura sí i. Èyí tó ga ju ló ń fojú hàn. Àwọn kéékèèké ló ń sá pamọ́.

Ẹ fi iye ọjà tí wọ́n rà pín owó, kí ẹ sì wo ìwé iye owó ọjà. 450,000 sí ọ̀nà 60 jẹ́ 7,500: òótọ́ ni. Bọ́tìnnì kan ní 12,000 jẹ́ ìlọ́po 100 iye rẹ̀: kọ́bọ̀ ni. Bí wọ́n bá dín owó kù fún oníbàárà tàbí tí owó ìkẹ́rù wà nínú rẹ̀, ó lè jẹ́ 96 tàbí 103, ẹ má retí 100 géérégé.

Ibi tí owó ti wọlé ni kí ẹ fi ṣàtúnṣe, kì í ṣe bó ṣe tóbi tó. Bí A bá jẹ́ ibi tó ti wá, tí C jẹ́ owó, ẹ kọ èyí sínú òpó tuntun, kí ẹ má fọwọ́ kan ti àtijọ́:

```
=IF(A2="íńtánẹ́ẹ̀tì", C2/100, C2)
```

Ẹ kọ́kọ́ wo déètì o. Bí ẹni tó ń bá yín ṣe ètò kọ̀ǹpútà bá ti yí i sí náírà láàárín oṣù, ìdajì oṣù nìkan ni ìlànà yìí wà fún.