Ìdíje Ṣẹ́ẹ̀sì Àkọ́kọ́: Kí Ni Ọmọ Yóò Mú Dání?

Ìwé tí olùdarí ẹgbẹ́ ṣẹ́ẹ̀sì ilé ẹ̀kọ́ máa ń kọ sí àwọn òbí ṣáájú ìdíje àkọ́kọ́ kì í gùn. Ọjọ́ wà níbẹ̀, gbọ̀ngàn tí wọn yóò lò wà níbẹ̀, aago mẹ́jọ àárọ̀ wà níbẹ̀. Ohun tí ọmọ yóò mú wá ló tẹ̀ lé e: oúnjẹ, omi, bírò, awò ojú fún ẹni tó ń lò ó, àti bọ́ọ̀dù àti aago ṣẹ́ẹ̀sì fún ẹni tó bá ní. Òbí tó bá kà á lè máa rò ó pé kí ni ọmọ ọdún mẹ́jọ fẹ́ fi oúnjẹ ṣe nídìí eré ìjókòó.

Nígbà tí Túndé Ọ̀nàkọ̀yà, ọmọ Nàìjíríà tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ṣẹ́ẹ̀sì l'Ékòó, fi 60 wákàtí ta ṣẹ́ẹ̀sì ní Niu Yọ́ọ̀kì ní oṣù kẹrin ọdún 2024, gbogbo ayé rí i pé eré yìí lè gba àkókò. Ti ọmọdé kò tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò kéré. Ká ní aago fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú 15. Eré kan lè gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí ìpele bá jẹ́ márùn-ún, wákàtí méjì àtààbọ̀ ti lọ nìyẹn, láì tíì ka ìgbà tí adájọ́ ń kọ èsì, tó sì ń wo ẹni tí yóò kojú ẹni. Bó bá fi máa parí, ọ̀sán ti pọ́n. Ìdí nìyí tí oúnjẹ fi wà nínú ìwé náà.

Ohun tó sì ń ya òbí lẹ́nu jù ni pé ọmọ tó bá pàdánù kì í lọ sílé. Ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Súwísì ni ọ̀pọ̀ ìdíje ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń lò. Ẹni tó bá borí gba àmì kan, ẹni tó bá ta ọ̀mì gba ààbọ̀, ẹni tó bá pàdánù kò gba nǹkan kan. Ní ìpele tó kàn, ẹni tí àmì wọn bá jọra ni wọ́n máa ń so pọ̀. Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ kan láàárín àwọn 13. Wọ́n nà án ní ìpele kìn-ín-ní. Ní ìkejì, ó bá ọmọ mìíràn tí wọ́n nà pàdé, ó sì borí. Ó borí ní ìkẹta, ó ta ọ̀mì ní ìkẹrin, ó borí ní ìkarùn-ún. Àmì mẹ́ta àtààbọ̀ ló ní yẹn, ó sì lè wà lára àwọn tó ṣíwájú. Bí ìyá rẹ̀ bá ti fà á lọ sílé lẹ́yìn omijé àárọ̀, òfo ni ìyókù.

Nítorí pé 13 kò ṣeé pín sí méjì, ọmọ kan yóò máa jókòó ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á fún un ní àmì kan láìta. Kì í ṣe ìjìyà.

Òfin tó ń pa ọmọ tuntun lára jù lọ kò sí nínú àpò kankan: ọmọ ayò tí o bá fọwọ́ kàn, òun ni wàá gbé. Nílé, ọmọ á fọwọ́ kan ayaba, á rí i pé wọ́n máa jẹ ẹ́, á sì dá a padà. Níbi ìdíje, bí ayaba yẹn bá ní ibi tó lè lọ, ó di dandan kó gbé e. Bó bá kàn fẹ́ tò ó sí àárín ojú ilé rẹ̀, kó kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún alátakò rẹ̀ kó tó nawọ́. Ọwọ́ tó fi gbé ọmọ ayò ni yóò fi tẹ aago. Ẹni tó bá gbàgbé láti tẹ aago, àkókò tirẹ̀ ni yóò máa dín kù bí ẹnì kejì ṣe ń ronú. Òbí lè fi òfin méjèèjì yìí dán ọmọ wò nílé ní alẹ́ mélòó kan.

Bí ìjà bá sì dé, kí ọmọ dá aago dúró, kó nawọ́ sókè, kó pe adájọ́, kí eré tó parí. Bírò tó mú wá wà fún kíkọ èsì: bí àwọn méjèèjì bá ti buwọ́ lù ú, ẹjọ́ àtẹ̀yìnwá ṣòro.

Fóònù kì í bá ọmọ wọ gbọ̀ngàn. Bó bá dún mọ́ ọn lára, ó lè pàdánù eré náà. Ìta sì ni òbí yóò ti máa wòran, torí pé kódà mímí orí láti ẹ̀yìn àga ìrànwọ́ ni lójú òfin.

Òbí tó bá mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ mú ọmọ lọ kí gbogbo ìpele tó parí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún adájọ́ kí wọ́n tó kọ orúkọ ìpele tó kàn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọmọ ẹlòmíràn ni yóò jókòó ti bọ́ọ̀dù láìrí ẹni bá a ta.