Ìdí tí iná fi ń sáré gun ara ilé gogoro ní Dubai àti Sharjah

Ẹ̀ẹ̀mejì ni ilé gogoro kan tí wọ́n ń pè ní The Torch, ní agbègbè Marina nílùú Dubai, ti gbiná. Ti àkọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ lóru ọjọ́ 21 oṣù Kejì ọdún 2015, èkejì lóru ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ ọdún 2017. Ilé náà ga ju mítà 330 lọ. Nígbà méjèèjì, ara ògiri òde ni iná náà ti ń sáré.

Kí ló ń jó lára ògiri tí wọ́n fi kọnkéré ṣe? Páànù tí wọ́n fi bò ó ni. Bí ẹ bá wò ó láti ìta, alumíníọ́mù tó ń dán ni ẹ ó rí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gé e, ẹ ó rí i pé alumíníọ́mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì ló há ọ̀rá mọ́ àárín, bí ìgbà tí èèyàn fi búrẹ́dì méjì há ẹyin. Ọ̀rá náà nípọn tó bíi mìlímítà mẹ́ta, irú èyí tí a fi ń ṣe ọ̀rá píọ́ wọ́tà sì ni.

Bí iná bá kàn án, ọ̀rá náà á yọ́, á sì máa jó. Àlàfo tún wà láàárín páànù àti ògiri. Ooru á gba ibẹ̀ lọ sókè bí èéfín ṣe ń gba inú ihò ààrò jáde, á sì fa iná tẹ̀ lé e. Ègé páànù tó ń jó náà á máa já bọ́, á tún dá iná sílẹ̀ nísàlẹ̀.

Bákan náà ni ògiri òde ilé Abbco tó ní àjà 48 ní Sharjah ṣe gbiná lálẹ́ ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 2020. Kò sẹ́ni tó kú níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó kú ní The Torch, nítorí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ tètè jáde. Ní Grenfell, nílùú London, irú páànù kan náà ló jó lọ́dún 2017, àmọ́ wọ́n kọ́kọ́ sọ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n dúró sínú yàrá wọn. Èèyàn 72 ló kú.

Òfin UAE kò fàyè gba irú páànù yìí lára ilé gíga tuntun mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì wà lára ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́. Ojú lásán kò lè dá a mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí kì í tètè jó. Àfi kí wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò. Nítorí náà, kí ẹ̀yin tó ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ bi alábòójútó ilé yín léèrè. Ẹ má ju kùkùté sìgá láti bákónì, torí òun ni ọlọ́pàá Dubai sọ pé ó dá iná ilé Tamweel sílẹ̀ lọ́dún 2012. Bí aago iná bá dún, ẹ gba orí àtẹ̀gùn jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.