Kí Ẹ Tó Gbẹ́ Kòtò Amọ̀

Ní Òkèlele ní Ìlọrin, àti ní Ìpetumodù, ọwọ́ lásán ni àwọn obìnrin amọ̀kòkò fi ń mọ ìkòkò láti ìrandíran. Ọwọ́ yẹn kan náà ni òṣùwọ̀n wọn. Ẹni tó ti tẹ amọ̀ fún ogún ọdún, bó bá bu ẹ̀kúnwọ́ kan, tó fún un, tó yí i, ó ti mọ̀ bóyá ó yẹ kí a gbé e dé ẹbu. Ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ láti máa wa amọ̀ fún bíríkì kò ní ọwọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n rúlà, garawa, iná àti sùúrù lè sọ púpọ̀ fún un kó tó san kọ́bọ̀.

Ilẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Òkúta tí òjò àti oòrùn ti jẹ fún ọjọ́ pípẹ́ ló ń di amọ̀. Èyí tó dúró síbi tí òkúta rẹ̀ wà, bí amọ̀ funfun tí wọ́n ń wà ní Ìjerò-Èkìtì, kì í sábà fà lọ́wọ́. Èyí tí àgbàrá gbé lọ sí àfonífojì àti etí odò kúnná jù ú lọ, ó sì ń fà dáadáa. Àléébù rẹ̀ ni pé ìpele ìpele ni omi ń kó o jọ: iyanrìn lókè, amọ̀ eérú láàárín, ẹrẹ̀ dúdú nísàlẹ̀. Nítorí náà, kòtò kan ṣoṣo kò tó. Ẹ gbẹ́ ihò mẹ́rin tàbí márùn-ún káàkiri ilẹ̀ náà, ẹ kó ilẹ̀ òkè tí gbòǹgbò wà nínú rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì bu amọ̀ ní gbogbo ìdajì mítà bí ẹ ṣe ń lọ sísàlẹ̀. Ẹ kọ ibi tí ẹ ti bu ọ̀kọ̀ọ̀kan sára àpò rẹ̀.

Fífà ni kí ẹ kọ́kọ́ dán wò. Ẹ po amọ̀ náà títí tí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ọwọ́ mọ́, kí ẹ sì bò ó mọ́lẹ̀ di ọjọ́ kejì kí omi lè wọ inú rẹ̀ dọ́gba. Ẹ wá fi àtẹ́lẹwọ́ yí i gùn, kó tó bí pẹ́ńsùlù ní sísanra, kí ẹ sì fi wé ìka. Bó bá já, iyanrìn ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bó bá tẹ̀, ṣùgbọ́n tó la wẹ́wẹ́ lẹ́yìn, bíríkì lè fara mọ́ ọn, torí pé inú àpótí ni a ń tẹ bíríkì sí. Èyí tó tẹ̀ láìla rárá ni amọ̀kòkò ń wá, nítorí pé ara ìkòkò ní láti tinrín, kó sì dúró fúnra rẹ̀ nígbà tó ṣì tutù.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí: wọ́n á rò pé bí amọ̀ bá ṣe ń fà tó ni ó ṣe dára tó. Omi ló ń jẹ́ kí amọ̀ fà, bí omi náà bá sì jáde, àyè tó fi sílẹ̀ á pa dé, amọ̀ á súnkì. Bíríkì nípọn. Ara rẹ̀ á ti gbẹ nígbà tí inú ṣì tutù, ara tó ń súnkì á fà lórí inú tí kò tíì ṣe tán, á sì la. Amọ̀ dúdú ti àbàtà, èyí tí ilẹ̀ rẹ̀ máa ń la gbàgà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ti fi ìwà rẹ̀ han ẹni tó bá wò ó kó tó gbẹ́ ẹ rárá.

A lè wọn sísúnkì yìí láìsí ẹ̀rọ. Ẹ fi amọ̀ ṣe ọ̀pá pẹlẹbẹ, kí ẹ fi ọ̀bẹ fa ìlà 100 mìlímítà sí i lára. Mìlímítà kan tó bá dín jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ gbẹ ẹ́ níbòòji, ẹ máa yí i padà kó má baà tẹ̀. Ká sọ pé amọ̀ eérú kan láti àfonífojì wọn 91 nígbà tó gbẹ, tó sì di 87 nígbà tó jáde nínú iná. Ó ti súnkì ìdá 13, ìyẹn sì pọ̀ jù fún bíríkì. Ká wá po garawa mẹ́ta amọ̀ náà mọ́ garawa iyanrìn kan, ká tún ọ̀pá ṣe, kó wọn 94 nígbà tó gbẹ, kó sì di 92 lẹ́yìn iná. Ìdá 8 nìyẹn, ó ṣe é lò. Iye yẹn náà ni yóò sọ bí àpótí yóò ṣe gùn tó: ẹni tó ń fẹ́ bíríkì 23 sẹ̀ǹtímítà ní láti kan àpótí 25, nítorí ìdá 8 nínú 25 jẹ́ sẹ̀ǹtímítà méjì gééré. Ẹ má ṣe jẹ́ kí iyanrìn pọ̀ kọjá ohun tó tó: bí ẹ bá fi méjì tó sun lu ara wọn tí kò dún gbọnrangandan, tí igun rẹ̀ ń jẹ lọ́wọ́, ẹ ti kọjá àyè. Ní ti ìkòkò, àfọ́kù tí wọ́n lọ̀ kúnná lè rọ́pò iyanrìn. Ó ti súnkì tán nínú iná àkọ́kọ́, ó sì ń ran ìkòkò ọbẹ̀ lọ́wọ́ láti fara da iná ojoojúmọ́.

Ìdọ̀tí ló kù. Gbòǹgbò àti òkúta ńlá kò ṣòro, asẹ́ á mú wọn. Iyọ̀ a máa wà nínú amọ̀ etí òkun. Ó máa ń hu funfun lára bíríkì. Ẹ gbé ègé tó ti sun dúró nínú abọ́ omi òjò fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ ó rí i lókè ibi tí omi dé bó bá wà. Kó jẹ́ omi òjò, nítorí omi kànga lè ní iyọ̀ tirẹ̀.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni òkúta irú èyí tí wọ́n ń wà ní Ewékorò láti fi ṣe sìmẹ́ǹtì. Ìkarahun ìgbín àti ti odò bá a dọ́gba. Kò ju ẹ̀wà kan lọ nínú amọ̀, fífà kò fi í hàn, sísúnkì kò fi í hàn. Bí iná bá kọjá nǹkan bí 800 dígíríì, yóò yí i padà di ohun funfun tí òùngbẹ omi ń gbẹ. Bíríkì á jáde láti inú ààrò, á rẹwà, á ta gbọnrangandan. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ohun funfun náà á ti fa omi láti inú afẹ́fẹ́, á wú, á sì ta ara bíríkì dànù bí ẹní ṣí ìdérí, àmì funfun kékeré á wà nísàlẹ̀ ojú ọgbẹ́ náà. Ìkòkò tí wọ́n fi koríko àti igi sun ní gbangba, tí iná rẹ̀ kò dé 700, lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi gbọ́dọ̀ sọ pé níwọ̀n ìgbà tí ìkòkò ibì kan dára, bíríkì ibẹ̀ náà á dára.

Bí ẹ bá rí hóró funfun, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, kí ẹ fetí sí i. Bó bá ń hó wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́, òun ni. Bí hóró náà kò bá pọ̀, lílọ amọ̀ náà títí kò fi ní ju iyanrìn kíkúnná lọ lè gbà á là, torí èyí tó kéré bẹ́ẹ̀ kò lágbára láti ta ara bíríkì. Bó bá pọ̀, ẹ fi ilẹ̀ náà sílẹ̀. Bí ẹ kò bá sì rí hóró kankan, ẹ má tíì sanwó. Ẹ sun ègé mẹ́fà nínú iná tó gbóná tó ti bíríkì gan-an, ẹ tọ́jú wọn síbi tó tutù, kí ẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.