Ògiri Létí, Ó Tún Lẹ́nu

Àbúrò mi kan ń po orin pọ̀ nínú yàrá rẹ̀ n'Íbàdàn. Bó bá gbọ́ ọ níbẹ̀, orin a dùn. Bó bá gbọ́ ọ nínú mọ́tò, béèsì a bo akọrin mọ́lẹ̀. Ó ní sípíkà òun ló bàjẹ́. Sípíkà kọ́. Wọ́n ní ògiri létí. Ní sítúdíò, ó lẹ́nu pẹ̀lú.

Yàrá náà gùn ní mítà 4, ó fẹ̀ ní mítà 3. Àárín gígùn rẹ̀ gan-an ló ń jókòó sí, ibẹ̀ sì ni béèsì tó wálẹ̀ jù ti ń pòórá, torí ìró tó ń lọ àti èyí tí ògiri dá padà ń pa ara wọn. Béèsì tí kò gbọ́ yìí ló ń bù kún orin.

A gbé tábìlì kọjú sí ògiri kúkúrú kan, a wá fi àga síbi tí orí rẹ̀ fi jìnnà sí ògiri náà ní mítà 1.5. Sípíkà kan jìnnà sí èkejì ní mítà 1.2, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí orí rẹ̀. A yí wọn kọjú sí i, ẹnu kékeré tí ohùn tínrín ń gbà jáde sì bá etí rẹ̀ dọ́gba. Láti sípíkà kọ̀ọ̀kan dé ògiri ẹ̀gbẹ́ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 90.

Ó ku ẹnu ògiri. Ohùn tó wá tààrà rin mítà 1.2, èyí tó kọ́kọ́ gbá ògiri ẹ̀gbẹ́ rin mítà 2.6. Àsìkò tó fi pẹ́ kéré débi pé etí kò lè yà á sọ́tọ̀. Ńṣe ló ń dà pọ̀ mọ́ ti àkọ́kọ́, tó ń jẹ ohùn kan, tó ń wú òmíràn.

Jígí la fi wá ojú ibẹ̀. Ó jókòó, mo ń fa jígí lọ lára ògiri ní ọ̀gangan etí rẹ̀. Ibi tó ti rí sípíkà ọ̀tún àti ibi tó ti rí tòsì ni mo sàmì sí: sẹ̀ǹtímítà 87 àti 109 sí ògiri iwájú. Pátákó kan tó fẹ̀ ní 60 bo méjèèjì. A ṣe bẹ́ẹ̀ fún ògiri kejì àti àjà.

Férémù igi ni pátákó náà. Rọ́kúùlù tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 10 ló wà nínú rẹ̀, aṣọ tí èémí ń gbà kọjá la sì fi bò ó. Páálí ẹyin kò lè ṣe iṣẹ́ yìí: ohùn tínrín nìkan ló ń fọwọ́ kàn. Pátákó náà kò sì wo béèsì sàn. Ipò àga ló ràn án lọ́wọ́.

A wá gbé ohùn akọrin kan sáfẹ́fẹ́, tó dọ́gba nínú sípíkà méjèèjì. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń fẹ̀ kọjá ojú rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ó dúró gbọnin láàárín, bí ẹni pé akọrin wà níwájú wa. Bó bá fì sápá kan, ẹ tún un wọ̀n. Àbúrò mi dín béèsì kù, ó gbé orin lọ sínú mọ́tò, ó sì gbọ́ akọrin.