Ẹ Jẹ́ Ká Mọ̀: Abẹ Ẹlẹ́nu Kan àti Irùngbọ̀n Tó Ń Lọ́

Irùngbọ̀n ọ̀pọ̀ ọkùnrin láti Lẹ́kí dé Ajah máa ń lọ́ láti ìdí, nítorí náà, bí abẹ ẹlẹ́nu púpọ̀ bá fa irun náà sókè kó tó gé e, ṣóńṣó rẹ̀ yóò sá wọ abẹ́ awọ, ibẹ̀ yóò sì wú bí irorẹ́, pàápàá ní ọrùn. Abẹ ẹlẹ́nu kan ló sàn jù, bí ẹni tó ń fá a bá kọ́kọ́ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ mú irun náà rọ̀, tó sì tẹ̀ lé ibi tó kọrí sí láìfa awọ le. Ààlà ọrùn, ìyẹn ìlà tí irùngbọ̀n parí sí, yẹ kó wà ní ìwọ̀n ìka méjì lókè gògóńgò, kó sì tẹ̀ lọ sẹ́yìn etí. Onígbàjámọ̀ tó bá gbé e gun egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ (wọ́n sì pọ̀) ń sọ ọrùn di ọ̀bọ̀rọ́ ni.