Ṣé O Mọ̀ Pé Fọ́tò Tí O Pa Rẹ́ Ṣì Wà Nínú Káàdì?

Ṣé o mọ̀ pé bí onífọ́tò tó lọ síbi ìwúyè Aláàfin Owóadé ní Ọ̀yọ́, ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 2025, bá ṣèèṣì pa àwòrán rẹ́ nínú mẹ́mọ́rì káàdì rẹ̀, àwòrán náà kò tíì kúrò níbẹ̀? Nínú káàdì tí kò ju 32 gígábáìtì lọ, ètò tí wọ́n ń pè ní FAT32 ló sábà máa ń wà. Ètò yìí kàn ń pààrọ̀ lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ fáìlì náà, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé àyè rẹ̀ ti ṣófo. Bí ẹni pa orúkọ onísọ̀ kan rẹ́ nínú ìwé ọjà Akẹ̀sán ni, tí ẹrù onítọ̀hún ṣì wà nínú ìsọ̀ bó ṣe tò ó.

Ewu ibẹ̀ ni ẹni tí wọ́n máa gbé ìsọ̀ náà fún.

Ká ní káàdì onífọ́tò kan kún níbi ìdána kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó fẹ́ pa èyí tó bàjẹ́ rẹ́ kí àyè lè wà, ọwọ́ rẹ̀ ṣì, ó pa 40 tó dára. Káàdì ti kún, nítorí náà àyè 40 yẹn nìkan ló ṣófo. Fọ́tò yòówù tó bá tún yà, orí wọn ló máa jókòó lé. Bí fọ́tò kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ 8 mẹ́gábáìtì, fídíò ìṣẹ́jú kan tó jẹ́ 180 mẹ́gábáìtì yóò bo nǹkan bí 22 nínú wọn mọ́lẹ̀. Èyí tó bá ti bò, kò sí ẹni tó lè yọ ọ́ mọ́. Èyí tó bò díẹ̀ ló ń yọ ní ààbọ̀: gèlè ìyàwó mọ́ kedere lókè, ìsàlẹ̀ di eérú.

Ṣé o mọ̀ pé káàdì lè gba nǹkan tuntun láìjẹ́ pé o ya fọ́tò kankan? Fóònù tí o fi káàdì sí láti "wò ó" lè kọ àwòrán kéékèèké tirẹ̀ síbẹ̀. Kọ̀ǹpútà Windows náà lè dá fódà System Volume Information sílẹ̀ lórí rẹ̀. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí o pa kámẹ́rà lójú ẹsẹ̀, kí o yọ káàdì, kí o sì ti bọ́tìnì kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sí ibi tí wọ́n kọ LOCK sí.

Ètò kan wà tó ń yọ fọ́tò padà: PhotoRec, tí Christophe Grenier ṣe, ọ̀fẹ́ sì ni. Kò wo orúkọ rárá. Àmì tí fọ́tò JPEG fi ń bẹ̀rẹ̀, FF D8 FF, ló ń wá kiri inú káàdì. Nítorí náà, fọ́tò yóò padà láìní orúkọ tó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Inú kọ̀ǹpútà ni kí o ní kó kó wọn sí. Bí o bá kó wọn sínú káàdì kan náà, àwọn tí o ń yọ ni yóò máa bo àwọn tí o kò tíì yọ mọ́lẹ̀. Fídíò gígùn ṣòro láti yọ ju fọ́tò lọ, torí ó lè fọ́n káàkiri káàdì.

Inú fóònù fúnra rẹ̀ yàtọ̀: wọ́n ti fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí dí ohun tó wà níbẹ̀, fóònù òde òní sì ń nu àyè tó ṣófo mọ́ fúnra rẹ̀.